Ọ̀gá Méjì fún Òṣìṣẹ́ Kan: Ibi Tí Ẹ Ti Ń Kùnà Ìbéèrè Mátíríìsì

Gbogbo ìgbà tí ìdánwò ìṣàkóso iléeṣẹ́ bá ti sún mọ́lé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé ìdáhùn kan náà wá bá mi ní Àkúrẹ́: pé àǹfààní ètò mátíríìsì ni pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá kan ṣoṣo. Ohun tí mátíríìsì kò ní gan-an nìyẹn, nítorí nínú rẹ̀, ọ̀gá méjì ló ń pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ kan: ti ẹ̀ka rẹ̀ àti ti iṣẹ́ àkànṣe! Àwọn tó ń ta ìwé ìdáhùn àdàkọ ló ń kó o bá yín. Wọ́n tún ń sọ fún yín pé bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn, kí ẹ yan C, àwọn kan sì ń ta bírò tí wọ́n ti gbàdúrà sí. Bírò kì í mọ ẹni tó ń pàṣẹ fún òṣìṣẹ́.

Ẹ wo ìbéèrè yìí. Iléeṣẹ́ kan ń ṣe búrẹ́dì, ó ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ọ̀wọ̀, ètò difíṣọ́nà, tó ń pín iléeṣẹ́ sí ẹ̀ka nípa ìlú tàbí ọjà, ló sì ń lò. Èwo ni àǹfààní ètò náà?

A. Gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà wà lábẹ́ ọ̀gá kan, ìmọ̀ wọn ń jinlẹ̀, owó irinṣẹ́ sì ń dínkù.
B. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń dáhùn fún èrè àti àdánù tirẹ̀, ó sì lè tètè ṣe ohun tí oníbàárà ìlú rẹ̀ ń fẹ́.
C. Onímọ̀ kan lè bá iṣẹ́ àkànṣe ṣe láìfi ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀.
D. Kò sí iṣẹ́ kankan tí wọ́n ń ṣe ní ìlọ́po.

B ni. Ṣùgbọ́n àǹfààní tòótọ́ ni A àti C náà, ibẹ̀ ni páńpẹ́ wà: A jẹ́ ti ètò fọ́ńṣọ́nà, tó ń pín iléeṣẹ́ nípa irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, C jẹ́ ti mátíríìsì. Ẹ kà á, ẹ rí i pé òótọ́ ni, ẹ sì yàn án láìbi ara yín léèrè pé ètò wo ni wọ́n ń bi yín. D ni irọ́ pátápátá, nítorí ẹ̀ka mẹ́ta náà ni yóò ní akọ̀wé owó tirẹ̀, awakọ̀ tirẹ̀, àti ẹni tó ń ra ìyẹ̀fun.

Ẹ tún wo iléeṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà. Ohun abúgbàù ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n ń tà á ní ọ̀pọ̀ fún àwọn oníbàárà díẹ̀, ètò fọ́ńṣọ́nà sì bá wọn mu. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n ń ta ọ̀dà ilé nínú agolo kéékèèké fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ọ̀dà ń tà, àdánù ń pọ̀. Ẹ̀ka tó ń ṣe é kò mọ ohun tí ọjà ń fẹ́, ẹ̀ka tó ń tà á kò mọ iye tó ná wọn láti ṣe é, kò sì sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ ọ̀gá àgbà tí wọ́n lè bi pé, "Ọ̀dà ti ṣe jẹ́?" Ní 1921 ni wọ́n yí sí difíṣọ́nà, ọjà kọ̀ọ̀kan sì ní olórí tó ń jíhìn fún un.

Mátíríìsì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1960, nítorí iṣẹ́ wọn gba kí onímọ̀ ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀ àti ọ̀gá iṣẹ́ àkànṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Henri Fayol, onímọ̀ ìṣàkóso ará Faransé, ti kọ ọ́ ní 1916 pé ẹnu kan ṣoṣo ló yẹ kí òṣìṣẹ́ ti máa gba àṣẹ. Mátíríìsì mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin yìí kí wọ́n lè pín onímọ̀ tó ṣọ̀wọ́n láàárín iṣẹ́ púpọ̀.

Iléeṣẹ́ kan níhìn-ín tó ń ṣe àga àti kọ́bọ́ọ̀dù gba irú ètò yìí lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní olùdámọ̀ràn, kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ igi ní kí káfíńtà tó mọṣẹ́ jù lọ parí bẹ́ẹ̀dì oníbàárà kan. Ọ̀gá iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní kó wá to kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà. Káfíńtà lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀gá kìíní fún un ní kúẹ̀rì; ó padà, ọ̀gá kejì náà fún un ní tirẹ̀. Nígbà tó fi máa béèrè lọ́wọ́ mi ohun tó kàn, ó ti ń wá iṣẹ́ síbòmíràn. Ọkùnrin náà kò ṣẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti kọ ọ́ pé ọ̀gá iṣẹ́ àkànṣe ló ń sọ ohun tí wọ́n ń ṣe àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí, ọ̀gá ẹ̀ka ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, òun náà ló ń fọwọ́ sí ìsinmi àti ìgbéga, ẹnì kan pàtó sì wà lókè àwọn méjèèjì tí yóò dájọ́ bí àṣẹ wọn bá kọlu ara.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí "ọ̀gá méjì" nínú ìdánwò, àléébù mátíríìsì ni. "Pípín onímọ̀ láàárín iṣẹ́ púpọ̀" ni àǹfààní rẹ̀. Inú ètò kan náà làwọn méjèèjì ti jáde, torí náà ẹ kọ́kọ́ wò bóyá àǹfààní ni ìbéèrè ń béèrè àbí àléébù, kí ẹ tó fi bírò kan ìwé.