Owó ìpolówó àkọ́kọ́: ibi èrè orí aṣọ kan ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀

Àwọn kan máa ń gba ọlọ́jà nímọ̀ràn pé kó yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó ń wọlé, kó fi polówó. Ẹni tí kò tíì polówó rí, ìdá mẹ́wàá kí ni yóò yọ? Èrè tó wà lórí ẹyọ ọjà kan ló ti mọ̀ dájú, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ká mú aládìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ó ń ta aṣọ kan ní ₦12,000. Tó bá yọ owó aṣọ, aró, alágbàṣe àti ọkọ̀, ₦4,000 ló kù. Bó bá gbà kí ₦1,500 nínú rẹ̀ lọ sórí wíwá oníbàárà, tó sì fẹ́ ta ogójì lóṣù, ₦60,000 ni gbogbo owó tó lè ná. Ó lè fi ₦25,000 ya fọ́tò àti fídíò, kó fi ₦30,000 polówó, kó sì fi ₦5,000 ra dátà àti irinṣẹ́. Irinṣẹ́ kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀fẹ́ ni WhatsApp Business àti Meta Business Suite tí a fi ń bójú tó ojú ìwé Facebook àti Instagram.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni ₦30,000 yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn tẹ Boost post lórí Facebook, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sórí fọ́tò tí àwọn fúnra wọn fẹ́ràn. Bẹ́ẹ̀, aláró kì í ri odindi aṣọ bọ inú ìkòkò láìkọ́kọ́ ri àkísà bọ̀ ọ́. Bí àkísà bá jáde tí àwọ̀ rẹ̀ kò hàn dáadáa, kò ní bínú sí i. Aró ni kò tíì mú, á dúró, á tún dán an wò lọ́jọ́ kejì. Owó àkísà náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò.

Fún ìdánwò yìí, kó gbé fọ́tò méjì sínú ìpolówó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ètò Meta má baà da owó sórí ọ̀kan kó pa èkejì tì. ₦2,000 lójúmọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta, di ₦12,000. Owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, sọ ọ́ di ₦12,900.

Ká ní fọ́tò àkọ́kọ́ mú àádọ́ta èèyàn kọ̀wé sórí WhatsApp, tí èkejì mú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá. Ìkíní ná an ní ₦129 lórí ẹnì kan, ìkejì ₦430. Bó bá jẹ́ pé nínú ẹni márùn-ún tó kọ̀wé, ẹnì kan ló ń rà, ₦645 ni ìkíní fi ń mú oníbàárà kan wá, ìkejì ₦2,150. Ìpín ìpolówó lórí aṣọ kan, ìyẹn ₦30,000 tí a pín sí ọ̀nà ogójì, kò sì ju ₦750 lọ. Àní kí fọ́tò kejì ní "like" tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kó dá a dúró.

Bó bá fi ₦17,100 tó kù sórí fọ́tò àkọ́kọ́, á mú oníbàárà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wá. Fi mẹ́tàlá tó rà nínú ẹni márùndínláàádọ́rin ọjọ́ ìdánwò kún un, ó di mọ́kàndínlógójì: ẹyọ kan dín sí ogójì, ìyẹn bí fọ́tò náà kò bá tíì sú àwọn tó ń rí i kí oṣù tó parí. Tó bá ti ń sú wọn, ₦129 yẹn ni yóò kọ́kọ́ máa gòkè.