Kọ́fáàdì kọ́ọ̀lù tálákà: ibi tí owó ti ń jò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpín tí mo fẹ́ rà, dọ́là 100 ni ọ̀kan, mi ò sì ní dọ́là 10,000 tí màá fi ra ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní kí n ra kọ́ọ̀lù ọlọ́dún kan, kí n máa ta ti oṣù kan lé e lórí. Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? (Láti Tánkẹ́, Ìlọrin)

Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ ṣe é, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ò ṣàjèjì sí ará Tánkẹ́. Ká ní pílọ́ọ̀tì kan wà tó tó mílíọ̀nù 10 náírà. Ẹ san mílíọ̀nù 2.5 fún onílẹ̀, ó sì kọ ìwé fún yín pé nígbàkígbà láàárín ọdún kan, ẹ lè ra ilẹ̀ náà ní mílíọ̀nù 8. Ilẹ̀ ò tíì di tiyín, àmọ́ bó bá gbówó lórí, ẹ̀yin lẹ ni èrè. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin náà kọ ìwé fún ẹlòmíì pé láàárín oṣù kan, ó lè rà á lọ́wọ́ yín ní mílíọ̀nù 10.5, ó sì fún yín ní 120,000 náírà. Bí oṣù bá parí tí kò wá, owó rẹ̀ ti di tiyín, ẹ tún lè kọ ìwé míì.

Nǹkan kan náà ni kọ́fáàdì kọ́ọ̀lù tálákà, àfi pé ìpín ilé-iṣẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, ọjà Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ìwé ẹ̀tọ́ yẹn ni kọ́ọ̀lù. Kọ́ọ̀lù kan dúró fún ìpín 100, nítorí náà iye tí ẹ bá rí lójú ẹ̀rọ, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ẹ ra kọ́ọ̀lù tí iye àdéhùn rẹ̀, ìyẹn iye tí ẹ lè fi ra ìpín kan, jẹ́ 80, tó ku ọdún kan, ní dọ́là 25, ìyẹn 2,500. Nínú 25 yìí, 20 jẹ́ iye gidi, nítorí ìpín wà ní 100, àdéhùn sì jẹ́ 80. 5 tó kù jẹ́ owó àkókò, òun ló sì ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ. Ìdí tí a fi ń ra 80, tí a kì í ra 100, nìyẹn: owó àkókò inú 100 pọ̀ ju ti 80 lọ, a ò sì fẹ́ ra ohun tó ń yọ́. Ẹ wo òpó Delta lójú ẹ̀rọ. Ó yẹ kó tó 0.80 ó kéré tán. Tí Delta bá jẹ́ 0.88, bí ìpín bá fi dọ́là kan gòkè, kọ́ọ̀lù yín á fi bíi sẹ́ǹtì 88 gòkè.

Ẹ má kàn tẹ Buy lórí iye tó wà ní òpó Ask, ìyẹn iye tí olùtà ń béèrè, o. Àwọn tó ń ra irú kọ́ọ̀lù jíjìn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà Bid, ìyẹn iye tí olùrà fẹ́ san, lè jẹ́ 24.20 kí Ask jẹ́ 25.80. Ẹ fi Limit Order, ìyẹn àṣẹ pé ẹ ò ní san ju iye kan lọ, sí agbedeméjì, kí ẹ sì ní sùúrù.

Kọ́ọ̀lù oṣù kan tí iye àdéhùn rẹ̀ jẹ́ 102 ń mú dọ́là 2.10 wá, ti 105 ń mú 1.20 péré. Ṣé kì í ṣe 102 ló yẹ kí n tà?

Rárá o. Ẹ yọ owó tí ẹ gbà kúrò nínú owó tí ẹ san, kí ẹ wá fi èyí tó kù wé àlàfo àárín iye àdéhùn méjèèjì.

Bí ẹ bá ta 105, ẹ san 25, ẹ gba 1.20, ó ku 23.80. Àlàfo láti 80 dé 105 jẹ́ 25. Àlàfo ju owó yín lọ, nítorí náà bí ìpín bá tilẹ̀ fò dé 140 lọ́la, èrè yín kò lè dín ní dọ́là 120. Bí ẹ bá ta 102, ó ku 22.90, àlàfo sì jẹ́ 22 péré. Bí ìpín bá fò gan-an, ẹ lè pàdánù dọ́là 90 níbi tí gbogbo àwọn tó ní ìpín náà ti ń jó. Ohun tí ẹ fẹ́ gan-an, kí ìpín gòkè, òun náà ló wá ṣe yín lọ́ṣẹ́.

Bí ìpín bá já wálẹ̀ ńkọ́?

Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ká ní oṣù kìíní parí, ìpín ti já sí 88. 105 tí ẹ tà ti kú, 1.20 ti di tiyín. Àmọ́ kọ́ọ̀lù 80 yín á ti wá sí nǹkan bíi 14.50. Àdánù orí ìwé jẹ́ bíi dọ́là 930.

Ẹ wá fẹ́ ta ti oṣù tuntun. Kọ́ọ̀lù 105 kò mówó gidi kan wá mọ́, nítorí ó ti jìnnà jù. Ojú yín á lọ sí 92, tó ń mú 1.15 wá. Ẹ dúró ná. Owó yín tó wà níta jẹ́ 23.80, bí ẹ bá gba 1.15, ó ku 22.65. Àlàfo láti 80 dé 92 jẹ́ 12 péré. Ká ní ẹ tà á, tí ìpín sì padà sí 100 tó wà tẹ́lẹ̀ kí oṣù kejì tó parí. Kọ́ọ̀lù 80 yín á ti padà tó bíi 24. Ṣùgbọ́n 92 tí ẹ tà ti di gbèsè dọ́là 8 lọ́rùn yín. 24 yọ 8, ó ku 16, ẹ sì ti ná 22.65. Ìpín padà sílé, ẹ̀yin pàdánù bíi dọ́là 665. Ẹni tí kò ta nǹkan kan ní oṣù kejì yẹn kò pàdánù nǹkan kan rárá.

Ní tèmi, bí ìpín bá já báyìí, ó sàn kí ẹ fi oṣù kan sílẹ̀ láìta, tàbí kí ẹ ta èyí tó jìnnà tí owó rẹ̀ kéré. Bí ìdí tí ẹ fi rà á kò bá sì sí mọ́, ẹ ta kọ́ọ̀lù 80 náà, kí ẹ kó èyí tó kù.

Wọ́n ní ẹni tí mo tà á fún lè wá gba ìpín kí ọjọ́ tó pé. Mi ò ní ìpín kankan, kí ni màá fún un?

Òótọ́ ni, àdéhùn lórí ìpín ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í sábà ṣẹlẹ̀, àfi nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ pín èrè. Onípìn-ín ló ń gba èrè náà, oníkọ́ọ̀lù kì í gbà á. Ká ní ìpín ti dé 112, ọ̀la ni ọjọ́ tí ẹni tó bá rà á kò ní rí èrè gbà mọ́, èrè sì jẹ́ sẹ́ǹtì 90 lórí ìpín kan. 105 tí ẹ tà ń lọ ní 7.30. Ẹ yọ iye gidi, 7, owó àkókò tó kù jẹ́ sẹ́ǹtì 30. Èrè ti ju owó àkókò lọ, nítorí náà ó ṣeé ṣe gan-an kí ẹni tó ni í gba ìpín lálẹ́ yẹn. Kí ọjà tó ti pa lọ́jọ́ náà, ẹ rà á padà.

Bí ẹ kò bá tètè rí i, ẹ lè jí bá gbèsè ìpín 100 nínú àkáǹtì, pẹ̀lú dọ́là 90 èrè tí ẹ gbọ́dọ̀ san. Ẹ má ṣe tẹ Exercise, ìyẹn lílo ẹ̀tọ́ yín láti ra ìpín ní 80, lórí kọ́ọ̀lù 80. Bó bá ń lọ ní 35.70, iye gidi rẹ̀ jẹ́ 32, owó àkókò 3.70 wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ Exercise ti ju dọ́là 370 nù. Ẹ ra ìpín 100 lọ́jà fi san gbèsè, kí ẹ sì ta kọ́ọ̀lù náà lọ́tọ̀ lọ́jọ́ kan náà.