Ẹ kọ ewu sínú òfin aṣọ, ẹ má kọ orúkọ aṣọ

Ilé búrẹ́dì kan nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ké sí mi pé kí n bá wọn tún ìwé òfin òṣìṣẹ́ wọn wò. Òṣìṣẹ́ méjì ló ti fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìlà kan péré: "A kò gba híjáàbù, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí irun dàda nínú ilé iṣẹ́. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ múra lọ́nà tó bójú mu."

Mo bi ìyá tó ni ilé iṣẹ́ náà pé, "Màmá, kí ni híjáàbù ṣe tí ẹ fi kọ ọ́ síbẹ̀?"

Wọ́n ní, "Míkísà ni mò ń bẹ̀rù, ọmọ mi. Lọ́jọ́ kan, ó wé okùn káàdì mọ́ ọmọkùnrin kan lọ́rùn. Ẹnìkejì rẹ̀ ló sáré pa míkísà náà."

Okùn káàdì ló fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ, òfin wọn ò sì dárúkọ okùn káàdì rárá. Àléébù irú òfin bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Orúkọ aṣọ ló ń kà sílẹ̀, kò sọ ohun tó ń bani lẹ́rù. Ẹlẹ́sìn á gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí, ewu gan-an á sì gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

A wọ inú ilé iṣẹ́, a dúró níbi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, a sì bi ara wa pé kí ló lè ṣeni léṣe níbí. Nídìí míkísà, ohun tó bá ń jù fìrìfìrì ni. Nídìí ààrò, aṣọ onínáílọ́ọ̀nù ni, torí ó máa ń yọ́ mọ́ awọ ara tí iná bá bá a. Nídìí tábìlì ìyẹ̀fun, ohun tó lè já bọ́ sínú búrẹ́dì ni. Níbi tí wọ́n ti ń tà á fún oníbàárà, a ò rí nǹkan kan, nítorí náà òfin ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó wé gèlè, kó dé fìlà.

Ohun tá a wá kọ nìyí: "Nídìí míkísà, ohunkóhun kò gbọdọ̀ jù sílẹ̀ lára òṣìṣẹ́, ìbáà ṣe okùn káàdì, táì, ìborí tàbí ẹnu aṣọ. Irun gbogbo ènìyàn, lọ́kùnrin lóbìnrin, gbọ́dọ̀ wà nínú àwọ̀n tàbí ìborí tó bò ó tán. Aṣọ àti ìborí tá a ń wọ̀ nídìí ààrò gbọ́dọ̀ jẹ́ òwú. A kò gbọdọ̀ fi pín-ìn-nì di ìborí níbi tí ìyẹ̀fun wà."

Òṣìṣẹ́ onídàda fi àwọ̀n kó irun rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán. Obìnrin oníhíjáàbù ní kí télọ̀ rán aláìnípín-ìn-nì fóun, èyí tí wọ́n ń fi orí wọ̀ bí àwọ̀tẹ́lẹ̀. Àyà ló mọ, ó sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ épúrọ́ọ̀nù.

Ti ọmọkùnrin tó ní ìdè Ifá lọ́rùn ọwọ́ le díẹ̀. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ lè já sínú ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n òrùka ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń po ìyẹ̀fun lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni ò sì bá wọn wí. Nígbà tí mo sọ èyí, Màmá wo ọwọ́ ara wọn. A kọ ọ́ pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ wà láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka ẹni tó ń fọwọ́ kan ìyẹ̀fun, òrùka pẹ̀lú. A ò bá ọmọ náà méfò nípa ẹ̀sìn rẹ̀, a bi í ni. Ó ní ìdè òun kì í kúrò lọ́wọ́. A gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ru búrẹ́dì tá a ti dì sínú ọkọ̀, owó oṣù rẹ̀ ò sì dín.

A yọ "lọ́nà tó bójú mu" dànù, torí ohun tó bójú mu lójú ọ̀gá àárọ̀ lè má bójú mu lójú ọ̀gá alẹ́. A fi ìlà kan rọ́pò rẹ̀: ẹni tí òfin yìí bá ni lára nítorí ẹ̀sìn tàbí àṣà, kó kọ ìwé. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fèsì nínú ìwé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Kó sọ ewu tó ń sá fún àti ọ̀nà mìíràn tó ti gbìyànjú. Kí èsì tó dé, wọn ò gbọdọ̀ lé e lọ sílé.

Màmá bi mí bóyá òfin ìjọba fi dandan mú àwọn. Mo ṣàlàyé pé Abala 38 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún oníkálùkù lómìnira láti fi ẹ̀sìn rẹ̀ hàn, Abala 45 sì fàyè gba òfin tó bá tọ́ nítorí ààbò àti ìlera ará ìlú. Lọ́jọ́ 17 oṣù kẹfà 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin láre lórí híjáàbù nílé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni ẹjọ́ yẹn dá lé, n kì í fi dẹ́rù ba oníṣẹ́ aládàáni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òfin tó bá sọ ewu rẹ̀ síta ni èèyàn lè dúró tì níwájú adájọ́.

Wọ́n kan ìṣó sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá míkísà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń so káàdì kọ́ báyìí kí wọ́n tó wọlé, ti Màmá náà wà níbẹ̀.