Rẹtáà ọkọ̀ òfuurufú: gbèsè méjì ni wọ́n jẹ yín

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá ní pápákọ̀ òfuurufú Kútọnù kí wọ́n tó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé ọkọ̀ tó fẹ́ wọ̀ lọ sí Páríìsì kò ní gbéra títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. "Pùrọ́bùlẹ́mù tẹkiníìkì ni, màmá," ni ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà wí. Àjàṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ti wá, òun àti ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méje. Orí ìjókòó ni wọ́n sùn mọ́jú. Omi ìgò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n rí gbà.

Ohun tí kò mọ̀ lóru ọjọ́ náà ni pé gbèsè méjì ni ilé-iṣẹ́ yẹn ti jẹ ẹ́. Ìkíní ni ìtọ́jú, ìyẹn oúnjẹ àti ibi tí èèyàn máa sùn. Ìkejì ni owó gbà-má-bínú. A máa ń pa méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rí wa mú, torí pé ohun tó lè mú ìkejì kúrò lọ́rùn wọn kò lè mú ìkíní kúrò.

Òfin Yúróòpù tó ń jẹ́ CE 261/2004 ló là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìrìnàjò ló kàn. Bí ẹ bá gbéra láti inú Yúróòpù, ẹni yòówù kó ni ọkọ̀, ẹ lè fi òfin náà béèrè ẹ̀tọ́ yín. Bó bá jẹ́ Kútọnù lẹ ti ń bọ̀, àfi kí ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ ti Yúróòpù, kó sì máa gbé yín lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ilé-iṣẹ́ àwọn ará Mòrókò tàbí Tọ́kì lọ kò lè fà á yọ ní àlọ. Tó bá ń bọ̀ wálé láti Páríìsì nínú ọkọ̀ kan náà, ó lè fà á yọ.

Ti ilé-iṣẹ́ Yúróòpù ni ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Kútọnù sí Páríìsì ju kìlómítà 3500 lọ, nítorí náà bí rẹtáà bá ti máa tó wákàtí mẹ́rin, oúnjẹ di dandan. Bó bá di ọjọ́ kejì, òtẹ́ẹ̀lì náà di dandan, pẹ̀lú ọkọ̀ tí yóò gbé yín lọ síbẹ̀ tí yóò sì gbé yín padà. Ìjì kò yọ wọ́n nínú èyí. Kódà, lẹ́yìn tí eérú òkè oníná Áísílándì ti dá ọkọ̀ òfuurufú dúró ní 2010, ilé-ẹjọ́ Yúróòpù sọ ní 2013 pé ìtọ́jú èrò ṣì wà lọ́rùn wọn. Bí wọn kò bá fún yín, ẹ fi owó yín rà á níwọ̀nba, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Àkàsà àti ẹja díndín tí ẹ̀gbọ́n mi rà níta dùn, àmọ́ ìyá alákàsà kì í kọ rìsíìtì. Owó yẹn wọgbó nìyẹn.

Owó gbà-má-bínú ní ìṣirò tirẹ̀. Àsìkò tí ẹ dé ni wọ́n ń wò, ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ gan-an, kì í ṣe ìgbà tí táyà kanlẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi dé ní 6:10 àárọ̀. 14:30 ni ilẹ̀kùn ṣí. Wákàtí mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú. Láti wákàtí mẹ́ta ni owó ti ń wọlé. Fún ọ̀nà tó jìn tó báyìí, 600 yúrò ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tàbí ìdajì rẹ̀ bí rẹtáà kò bá tó wákàtí mẹ́rin. 600 yúrò jẹ́ nǹkan bí 393,500 sẹ́fà. Ọmọ náà ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tí wọ́n sanwó fún, òun náà gba 600.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi béèrè owó náà, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ́kọ́ fèsì pé ohun tó kọjá agbára àwọn ni, torí irú èyí ló lè mú owó gbà-má-bínú kúrò lọ́rùn wọn. Ìjì líle lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyanṣẹ́lódì àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú òfuurufú náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láti 2008 ni ilé-ẹjọ́ ti sọ pé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́ kì í sábà sí lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹ ní kí ẹni tó wà nídìí káńtà kọ ìdí rẹtáà sílẹ̀ fún yín, tàbí kí ẹ ya àwòrán ohun tí wọ́n kọ sára pátákó.

A kọ̀wé padà sí ilé-iṣẹ́ náà fúnra wa. A kọ nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́, kóòdù tíkẹ́ẹ̀tì, wákàtí méjèèjì àti nọ́ńbà òfin náà, a sì fi ẹ̀dà káàdì ìwọkọ̀ àti nọ́ńbà báǹkì sí i. Àwọn tó ń fi bíbá èrò gba owó yìí ṣiṣẹ́ ṣe máa ń yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà, fún lẹ́tà ojú ìwé kan. Ilé-iṣẹ́ náà wá fi ìwé-ẹ̀bùn tíkẹ́ẹ̀tì lọ̀ ọ́. Òfin ní owó ni, àfi bí èrò bá fọwọ́ síwèé pé òun fẹ́ ìwé-ẹ̀bùn. Kò fọwọ́ sí i. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni owó wọlé.

Ọkọ rẹ̀ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ní òun ló ni ín. Rárá o. Ẹni tó jókòó sórí ìjókòó mọ́jú ni òfin mọ̀.