"Ẹ lè pa tó ₦40,000 lójúmọ́": báwo ni a ṣe ń sọ owó fún awakọ̀ tuntun láìpurọ́?

Ìbéèrè: Ilé-iṣẹ́ kan tó ní ọkọ̀ tí à ń fi fóònù pè ní Èkó gbé iṣẹ́ fún mi. Fídíò ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fẹ́, láti fi pe awakọ̀ tuntun. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí n kọ "Ẹ lè pa tó ₦40,000 lójúmọ́," ó sì fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà pé àwọn kan ń pa á. Àbúrò ìyá mi tó ń wa irú ọkọ̀ yẹn ní irọ́ gbuu ni. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì ò purọ́. Ọ̀gá ń ka owó tí èrò san, àbúrò ìyá yín ń ka owó tó kù lápò nígbà tó bá pa mọ́tò lálẹ́. Ti àbúrò ìyá yín ni kí ẹ kọ, torí owó tó máa délé ni ẹni tó ń wáṣẹ́ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá ní "ẹ lè pa."

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà yìí, mo kàn fi ń ṣàpẹẹrẹ ni, ti ilé-iṣẹ́ yín ni kí ẹ fi rọ́pò wọn. Nínú ₦40,000, tí ilé-iṣẹ́ bá ń gba ìdá mẹ́rin-ín kan, ₦10,000 ti lọ. Epo lítà 15 ní ₦900 jẹ́ ₦13,500. Dátà, fífọ mọ́tò àti owó tí àwọn ọmọ ojú pópó ń gbà, ká pè é ní ₦1,500. Ó ku ₦15,000, a ò sì tíì dárúkọ táyà, ọ́ìlì àti mẹkáníìkì. Tí mọ́tò kì í bá ṣe tirẹ̀, tó ń san ₦60,000 lọ́sẹ̀ fún ẹni tó ni ín, tó ń fi ọjọ́ 6 ṣiṣẹ́, ₦10,000 tún kúrò lójúmọ́. ₦5,000 ló gbé délé. Tó bá jáde láago mẹ́fà àárọ̀ tó wọlé láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò pé ₦420 fún wákàtí kan.

Ẹ tún wo ibi tí epo gbé owó náà lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà kan ní Èkó kúrò ní nǹkan bíi ₦185, ó di ₦488. Fídíò tó bá sọ òótọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún náà ti di irọ́ kí oṣù Kẹfà tó dé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí iye owó kankan jáde nínú fídíò láìsí oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣírò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: "Tó" ni mo kọ, mi ò ní gbogbo èèyàn. Ṣé ìyẹn ò ti yọ mí?

Ìdáhùn: Ní Amẹ́ríkà, kò yọ àwọn tó jù yín lọ. Àjọ FTC, tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀, fẹ̀sùn kan Lyft, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí à ń fi fóònù pè, pé ó ń polówó iye tí awakọ̀ lè rí ní wákàtí kan, bí i "tó $33" ní Àtìláńtà, nígbà tó jẹ́ pé owó àwọn tó wà nínú ìdá márùn-ún òkè ló fi ṣe é. Nínú awakọ̀ márùn-ún, ti ẹnì kan ni wọ́n ń sọ. Wọ́n tún ti ka tíìpù mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹwàá 2024, Lyft gbà láti san $2.1 mílíọ̀nù.

Ti Uber ti ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kìíní 2017, $20 mílíọ̀nù sì ni. Ilé-iṣẹ́ náà kọ ọ́ pé awakọ̀ tó wà láàárín ní New York ń rí ju $90,000 lọ lọ́dún. FTC ní $61,000 ni, àti pé àwọn tó ń rí iye tí wọ́n kọ yẹn kò tó ẹni mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kíyè sí i pé Uber ò tilẹ̀ fi "tó" ṣe é.

Ohun tó ń bí mi nínú sí "tó" ni pé ẹni tó ń wo fídíò kì í gbọ́ ọ. Nọ́ńbà ló ń gbọ́. Tí ẹ bá sì fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé owó lè yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíì, ta ló ń ka ìyẹn lórí fóònù nínú dáńfó? Ẹnu awakọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò ni kí òótọ́ ti jáde. Nílé wa níbí náà, òfin ọdún 2022 ti ARCON, àjọ tó ń bójú tó ìpolówó, ní kí wọ́n yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ẹ rí i dájú pé ilé-iṣẹ́ gbé tiyín lọ.

Ìbéèrè: Kí ni kí n gbà lọ́wọ́ wọn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ?

Ìdáhùn: Ẹ ní kí wọ́n to gbogbo awakọ̀ Èkó bí owó wọn ṣe rí, láti ẹni tó kéré jù dé ẹni tó pọ̀ jù, kí wọ́n sọ iye tí ẹni tó wà láàárín gan-an rí. Tí wọ́n bá ní kí àwọn ro gbogbo owó pọ̀ kí àwọn pín in, ẹ kọ̀. Ìwọ̀nba èèyàn tó ń sùn sínú mọ́tò á gbé nọ́ńbà yẹn sókè ju ohun tí ọ̀pọ̀ ń rí lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ka wákàtí. Àwọn kan á ka kìkì ìgbà tí èrò wà nínú mọ́tò. Ìgbà tí awakọ̀ jókòó sí Ọ̀jọ̀dú tó ń retí ìpè, àti ìgbà tó ń jó epo lọ gbé èrò ní Ògbà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, wọn ò kà á, bẹ́ẹ̀ ó tó wákàtí mélòó kan lójúmọ́. Ìgbà tó bá tan áàpù ni kí wákàtí ti bẹ̀rẹ̀, títí tó fi pa á.

Èyí tó ṣòro rí jù ni ti àwọn tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ sábà máa ń ka àwọn tó ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù dé ìparí, wọ́n ní àwọn yẹn ni "awakọ̀ gidi." Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, tó rí i pé kò mówó wá, tó sì dá a dúró lọ́jọ́ kejìlá, ti jábọ́ nínú ìṣirò. Àwọn tó rọ̀ lọ́rùn fún nìkan ló kù tí wọ́n ń kà. Ẹ sì rántí pé awakọ̀ tuntun lẹ̀ ń pè, irú ẹni tó jábọ́ yẹn gan-an ló jọ ọ́ jù. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni kí ẹ béèrè iye tó forúkọ sílẹ̀ lóṣù náà àti iye tó wà nínú ìṣirò. Tí ìyàtọ̀ bá pọ̀, wọ́n ti yọ àwọn kan kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ bá mi kọ ọ́ kí n rí bó ṣe máa rí.

Ìdáhùn: Ká gbà pé ẹni tó wà láàárín gba ₦28,000 lọ́wọ́ èrò lójúmọ́, tó fi wákàtí 10 ṣe é. Kò yẹ kí òṣèré sọ ọ́. Ẹ wá awakọ̀ tí owó rẹ̀ wà láàárín lóòótọ́, kó sọ ti ara rẹ̀.

*Àwòrán kìíní.* Ilé epo ní Ìkẹjà, ìrọ̀lẹ́. Awakọ̀ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, aṣọ tó fi ṣiṣẹ́ ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

— Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò owó òní.

*Àwòrán kejì.* Ojú fóònù rẹ̀. Iye kọ̀ọ̀kan ń jáde bó ṣe ń dárúkọ rẹ̀.

— Èrò san ₦28,000. Ilé-iṣẹ́ mú ₦7,000. Epo, ₦9,900. Dátà àti fífọ mọ́tò, ₦1,100. Ó ku ₦10,000. Wákàtí 10 ni mo fi wà níta, àti ìgbà tí mo gbé èrò, àti ìgbà tí mo kàn ń dúró.

*Lójú fídíò, lẹ́tà ńlá:* Ìdajì àwọn awakọ̀ wa ní Èkó ń rí jù báyìí lọ, ìdajì ò rí tó bẹ́ẹ̀. [Oṣù àti ọdún.] A ò ka tíìpù.

*Àwòrán kẹta.* Ó fọwọ́ kan táyà iwájú tó ti fẹ́ dán.

— Táyà, ọ́ìlì, mẹkáníìkì, èmi ni mò ń san án. Inú ₦10,000 yẹn ni mo ti ń yọ ọ́ sọ́tọ̀.

*Àwòrán kẹrin.* Ó yíjú sí kámẹ́rà.

— Tí mọ́tò bá jẹ́ tiyín, tí ìṣirò yìí bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá. Tó bá jẹ́ mọ́tò olówó ọ̀sẹ̀ lẹ fẹ́ gbà, ẹ ṣírò ìyẹn ná.

*Lójú fídíò:* Láísẹ́ǹsì, káàdì LASDRI, ìwé mọ́tò.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀ yẹn, ìṣirò ló bí i. Yọ ₦10,000 owó mọ́tò nínú ₦10,000 tó kù, ẹ ó rí i pé ẹni tó gba mọ́tò olówó ọ̀sẹ̀ ò ní gbé kọ́bọ̀ délé. Pẹ̀lú nọ́ńbà báyìí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ilé-iṣẹ́ máa pè.

Ìbéèrè: Ọ̀gá ti kà á. Ó ní ká yọ ìṣirò, ká kúkú kọ "Gbé èrò 45 lópin ọ̀sẹ̀, gba ₦120,000." Ìlérí nìyẹn, kì í ṣe àfojúsùn. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ó sinmi lórí ohun tí "gba" túmọ̀ sí lọ́kàn rẹ̀. Irú rẹ̀ wà nínú ẹjọ́ Lyft: $975 fún èrò 45 lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò pé owó lórí owó ni. Àṣé tí owó ọkọ̀ tí wọ́n ti gbà bá kù díẹ̀ kó tó $975, díẹ̀ yẹn nìkan ni Lyft máa fi kún un.

Tó bá jẹ́ báyìí ni ọ̀gá yín náà ń rò ó, awakọ̀ tí èrò 45 ti fún ní ₦105,000 máa gba ₦15,000, ẹni tó ti pa ₦120,000 ò sì ní gba nǹkan kan. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá kí ilé-iṣẹ́ tó yọ tirẹ̀ ni ₦120,000 yẹn tàbí lẹ́yìn rẹ̀, torí ₦30,000 ló wà láàárín méjèèjì. Tó bá ní kó tó yọ ọ́ ni, bí awakọ̀ ṣe máa sọ ọ́ nínú fídíò rèé:

— Tí ẹ bá gbé èrò 45 láti Jímọ̀ sí Àìkú, tí owó tí wọ́n san ò sì pé ₦120,000, ilé-iṣẹ́ á fi èyí tó kù pé e. Tó bá ti pé, wọn ò ní fi nǹkan kún un. Wọ́n á yọ ìdá mẹ́rin-ín kan tiwọn nínú gbogbo rẹ̀, epo sì wà lọ́rùn yín.