Àmì orísun ìmọ̀: bí ará Túrkì ṣe ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ ṣojú òun

Bí mo bá sọ fún yín pé “Olè wọ abúlé lóru àná,” gbólóhùn yẹn kò sọ bóyá ó ṣojú mi tàbí ẹnìkan ló wá ròyìn rẹ̀ fún mi. Bí ó bá wù mí, mo lè fi “wọ́n ní” tàbí “mo gbọ́ pé” ṣáájú rẹ̀. Bí kò bá sì wù mí, mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí òfin gírámà Yorùbá tí mo rú. Àwọn èdè kan wà tí wọn kò fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní irú àyè yìí. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni wọ́n ń fi àmì sí, tí yóò fi hàn bí ẹni náà ṣe mọ ohun tó ń sọ. Ohun tí à ń pè ní àmì orísun ìmọ̀ nìyẹn, èdè Túrkì sì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe gel- túmọ̀ sí “wá”. Bí wọ́n bá ń sọ ohun tó ti kọjá, wọ́n lè sọ pé geldi: ó wá, ó ṣojú mi. Wọ́n sì lè sọ pé gelmiş: ó wá, àmọ́ kò ṣojú mi. Bí a ṣe ń pe ṣ tiwa ni wọ́n ń pe ş yẹn. Ìró àfòmọ́ méjèèjì, -di àti -miş, máa ń yí díẹ̀ kí ó lè bá ọ̀rọ̀-ìṣe mu, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí -tı tàbí -muş nísàlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ìyàtọ̀ yìí ti wà. Mahmud al-Kashgari, tó fi èdè Lárúbáwá kọ ìwé lórí àwọn èdè Túrkì láàárín ọdún 1070 sí 1080, ti ṣàlàyé pé ọ̀kan wà fún ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú ẹni, èkejì fún èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹni.

Ẹ jẹ́ ká wò ó nínú ìtàn. Obìnrin kan ń sọ ọ̀rọ̀ olè yẹn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀:

Gece köye hırsız girmiş. (Olè wọ abúlé lóru.)
Sabah kalktım. (Mo jí láàárọ̀.)
Komşunun kapısını kırmışlar. (Wọ́n ti fọ́ ilẹ̀kùn aládùúgbò.)
Jandarma geldi. (Àwọn agbófinró dé.)

Lóru, obìnrin yìí ń sùn. Ẹlòmíì ló sọ fún un pé olè wọlé, nítorí náà girmiş. Òun fúnra rẹ̀ ló jí, ojú rẹ̀ sì ni àwọn agbófinró ṣe dé, nítorí náà kalktım àti geldi. Gbólóhùn kẹta ló gba àkíyèsí jù. Ó rí ilẹ̀kùn tó fọ́ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, síbẹ̀ -mış ló lò, torí pé kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fọ́ ọ. Àpá ló rí, kò rí iṣẹ́. Àmì kan ṣoṣo yìí ni èdè Túrkì fi ń sọ ohun tí a gbọ́ àti ohun tí a fi àpá mọ̀. Èdè Túyúkà, ní igbó Amasóònù níbi tí Kòlóńbíà àti Bùràsíìlì ti pààlà, ya méjèèjì sọ́tọ̀: oríṣi àmì márùn-ún ni tiwọn.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ èdè Túrkì máa ń rò pé iyèméjì ni -miş ń gbé wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò lè sọ fún alásè pé Güzel olmuş, ó dùn. Kò ṣiyèméjì rárá. Ìgbà tí ọbẹ̀ jinná tán ló bá a pàdé ni. Ẹni tí oorun gbé lọ yóò jí, yóò ní Uyumuşum, “mo mà ti sùn lọ.” Ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tí oorun ara rẹ̀ ń ṣojú rẹ̀.

Nínú ààlọ́ ni -miş ti gbilẹ̀ jù. Bir varmış, bir yokmuş ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ó wà nígbà kan, kò sí nígbà kan. Láti ibẹ̀ lọ, -miş ni yóò máa gbé ìtàn náà títí dé òpin, kí olùgbọ́ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu ni. Ẹni tó bá ń túmọ̀ irú ààlọ́ bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí ó bá fi “wọ́n ní” sí gbogbo gbólóhùn, yóò dà bí ẹni tí kò gba ìtàn náà gbọ́, etí yóò sì sú. Ní tèmi, kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ìtàn máa lọ.

Ṣùgbọ́n ìtàn ìlú kì í ṣe ààlọ́. Mehmed Kejì, ọba àwọn Túrkì, gba ìlú Ìsìtáńbùlù ní 1453, kò sì sí alààyè kankan tó ṣojú rẹ̀. Síbẹ̀ fethetti, “ó ṣẹ́gun rẹ̀,” ni olùkọ́ yóò sọ ní kíláàsì, pẹ̀lú -di, nítorí ohun tí gbogbo ayé ti gbà ni. Bí ó bá sọ pé fethetmiş, àwọn ọmọ yóò rò pé ó ń pa ààlọ́, tàbí pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni.