Fa Ìbànújẹ́ Yọ, Gbé Aṣọ Síbẹ̀

Ìbànújẹ́ dorí mi kodò
láti ọjọ́ tí ìyá mi ti lọ.
Ọkàn mi gbọgbẹ́,
ayé sú mi.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí, ló gbé ewì yìí wá kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ ọmọ òkú èyíkéyìí ló lè sọ ọ́. A ò rí ìyá tirẹ̀ níbẹ̀ rárá.

Mo fa ìlà sábẹ́ ìbànújẹ́, ọgbẹ́ ọkàn àti ayé tó súni, mo sì bi í pé kí ló rí nígbà tó padà wọlé.

"Inú mi kàn bàjẹ́ ni, mà."

"Kí ni ojú rẹ rí?"

Ó ronú díẹ̀. Aláàdìrẹ ni ìyá rẹ̀. Aṣọ oníko kan wà tí màmá ti fi okùn ìko dì tán, tí kò tíì rẹ sínú aró. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹ̀yìn tí aṣọ bá ti inú aró jáde, tó sì gbẹ, la máa ń tú ìko, kí ọnà tó hàn. Aṣọ tó wà ní dídì, tó ṣì funfun, iṣẹ́ tí ikú dá dúró ni. Ohun tí a ń wá nìyẹn. Ó wá kọ ọ́ báyìí:

Aṣọ tí ìyá mi fi ìko dì
ṣì wà lórí àga, funfun.
Òjò ti kún ìkòkò aró.
Kò sẹ́ni tó fẹ́ tú ìko náà.

Ó tún fẹ́ fi "ìbànújẹ́ ńlá ni" kádìí rẹ̀. Mo ní kó yọ ọ́, torí ìko tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ tú ti sọ ọ́. Ó fẹ́ fi omijé àti òkùnkùn kún un, ṣùgbọ́n ojú kì í rí nǹkan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹnu ti lò wọ́n gbó. Òórùn aró ńkọ́? Ó dára, àmọ́ ìgbà tí màmá ń ṣiṣẹ́ ló bá mu. Kó wà ní ẹsẹ mìíràn.

Bí o bá fẹ́ dán tìrẹ wò, bo àkọlé rẹ̀, kà á fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà, kí o bi í pé níbo ni ẹni tí ewì náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Bó bá ní bóyá ó rìnrìn àjò, ohun kan ṣì kù láti fi hàn.

Bákan náà ni bí ewì rẹ bá dá lórí òmìnira. Bó bá jẹ́ ti ọmọṣẹ́ télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ tán, kọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kọ ọ̀gá tí kì í pariwo orúkọ rẹ̀ mọ́ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orin tí èrò fẹ́ jùmọ̀ ké lójú títì ni, fi ọ̀rọ̀ náà, òmìnira, sílẹ̀ bó ṣe wà. Olúkúlùkù wọn ló ní ohun tó fẹ́ já gbà.